Ọmọ Yín Fẹ́ Wá Owó Lásìkò Họlidé? Ẹ Jẹ́ Kó Yan Ẹ̀pà, Ẹ Má Jẹ́ Kó Kiri

Tí wọ́n bá ti ti ilé-ìwé pa ní ìparí oṣù keje, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, oorun ni. Ọ̀sẹ̀ kejì, tẹlifíṣọ̀n àti fóònù. Tó bá máa fi di ọ̀sẹ̀ kẹta, ọmọ tó ti pé ọdún mẹ́rìnlá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún á ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí ìyá rẹ̀ po nínú ilé. “Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí èmi náà wá nǹkan ta, mo fẹ́ ra bàtà kí a tó wọlé.”

Inú òbí á dùn pé ọmọ òun kì í ṣe ọ̀lẹ, ṣùgbọ́n àyà á tún já. Ohun tó máa kọ́kọ́ wá sọ́kàn wọn ni àwọn ọmọ tó ń sá tẹ̀lé mọ́tò nínú gosiló, tí wọ́n gbé omi inú ọ̀rá lérí, àti àwọn ọkùnrin tí wọ́n máa ń pe ọmọbìnrin tó ń kiri wọ yàrá pé kó wá gba owó ọjà. Gbogbo ẹni tó ń gbé ìgboro ló mọ ìtàn kan tàbí òmíràn nípa èyí. Òfin náà ò sì fara mọ́ ọn. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2003 sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe lo ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún láti kiri ọjà, ìpínlẹ̀ Èkó náà sì ṣe tiẹ̀ lọ́dún 2007. Nítorí náà, kí ọmọ gbé ọjà lérí kó máa pariwo kiri àdúgbò, ẹ yọ ìyẹn kúrò pátápátá.

Kí ló wá kù? Àwọn kan á ní kó kọ́ ọṣẹ olómi ṣíṣe, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń kọ́ni ń lo kọ́sítíìkì, ẹ̀kán kan tó bá ta sí ojú lè ba ojú náà jẹ́. Àwọn míì á ní kó máa din ṣinṣin, òróró gbígbóná sì nìyẹn. Zobo dára, àmọ́ ẹ̀yin náà mọ bí iná ìjọba ṣe ń ṣe wá, ọjọ́ kejì ló ti kan tí fíríìjì ò bá ṣiṣẹ́. Èyí tó rọrùn jù fún ọmọ tó wà nílé, tí kò ní í tètè bàjẹ́, tí àgbàlagbà sì lè dúró tì í ṣe, ni ẹ̀pà yíyan inú ìgò. Kò sí ọjọ́ tí wọn kì í jẹ ẹ̀pà. Ẹni tó ń mu gàrí ń wá a, ẹni tó ń mu ọtí ń wá a, ẹni tí búrẹ́dì gbígbẹ nìkan wà níwájú rẹ̀ náà ń wá a.

Ẹ jẹ́ ká mú ilé kan ní Agége ṣe àpẹẹrẹ. Ìyá ń ránṣọ níwájú ilé, bàbá ń ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́, àkọ́bí wọn obìnrin jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìyá lè máa ránṣọ lọ kó sì máa wo ọmọ. Ibi tí gbogbo ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, torí iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti ilé tí àgbàlagbà kankan kì í sí níbẹ̀ lọ́sàn-án. Tí ẹ̀yin òbí méjèèjì bá ń jáde láago mẹ́fà àárọ̀, ẹ fi sí ọjọ́ Sátidé.

Ọjọ́ ọjà ni ewu àkọ́kọ́ wà, ewu náà ò sì hàn sójú. Àsìkò òjò ni họlidé gígùn máa ń bọ́ sí. Ẹ̀pà tútù tí wọ́n ń sè tà tí máa ń wà níta nígbà yẹn, kì í ṣe òun ni wọ́n ń yan sínú ìgò. Ẹ̀pà gbígbẹ inú àpò ni wọ́n ń rà, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ló sì ti pẹ́ nínú sọ́ọ̀bù kí òjò tó dé. Tí àpò bá ti wà lórí ilẹ̀ tútù, tàbí tí òrùlé sọ́ọ̀bù ń jò, ẹ̀pà isàlẹ̀ á bu. Kí ìyá tẹ̀lé ọmọ lọ, kí wọ́n ki ọwọ́ wọ inú àpò dé ìsàlẹ̀, kí wọ́n bu díẹ̀ jáde kí wọ́n gbóòórùn rẹ̀. Tó bá ń rùn bí aṣọ tí kò gbẹ, kí wọ́n kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Kí wọ́n fi eyín gé ẹyọ kan sí méjì. Ẹ̀pà tó gbẹ dáadáa á ró “kẹ́”, èyí tó ti gba omi sára á rọ̀ lábẹ́ eyín.

Nígbà tí wọ́n bá délé, kí wọ́n dà á sórí àtẹ funfun, kí ọmọ jókòó ṣà á. Ibi yìí gan-an ni àwọn tó ń kánjú kì í fẹ́ dúró ṣe. Ẹyọ tó ti rún wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, èyí tó ti hunjọ, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ ti yí sí dúdú tàbí tí nǹkan bíi lúbúlúbú aláwọ̀ ewé tàbí pupa rúsúrúsú wà lára rẹ̀, èyí tí kòkòrò ti lu, gbogbo wọn ni kó yọ sápá kan. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà rárá. Ohun tó ń mú ẹ̀pà bu máa ń tú májèlé kan sínú rẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní afulatọ́sìn, ẹ̀dọ̀ ènìyàn ló sì máa ń bá jà. Iná tí wọ́n fi ń yan ẹ̀pà kò lágbára tó láti pa gbogbo rẹ̀. Yíyan lè gbé adùn lé ẹ̀pà burúkú lórí, kò lè sọ ọ́ di rere.

Bí ayé ṣe mọ̀ nípa májèlé yìí pàápàá, ẹ gbọ́ ná. Lọ́dún 1960, àwọn tòlótòló bẹ̀rẹ̀ sí í kú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láìsí ẹni tó mọ ohun tó ń pa wọ́n. Àwọn tó kú lé ní 100,000. Nígbà tí wọ́n wádìí ẹ̀ títí, oúnjẹ tí wọ́n fi ẹ̀pà láti Bràsíìlì ṣe fún wọn ló ti bu. Nítorí náà, ẹ̀pà tí ọmọ bá ṣà dànù, kó dànù ni. Kí màmá àgbà tó wà nílé má ṣe gbà á sílẹ̀ fún adìyẹ pé ẹ̀gbin owó ni.

Yíyan rẹ̀ gba sùúrù ju ọgbọ́n lọ. Kí wọ́n po iyọ̀ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, bíi ṣíbí ìjẹun méjì sí lítà omi kan, kó dà á sórí ẹ̀pà, kó sì jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí tó bá pẹ́ nínú omi, èèpo á bó, ẹ̀pà á sì mu omi yó. Kó wá dà á sínú ajẹ́rẹ́ kí omi rẹ̀ ro, kó tẹ́ ẹ sórí àtẹ. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, oòrùn wákàtí mẹ́ta tó. Nínú oṣù kẹjọ tí ojú ọjọ́ ṣú, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé oòrùn. Ẹ gbé àtẹ sábẹ́ fáànù mọ́jú, ẹ sì jẹ́ kó tín-ín-rín lórí àtẹ. Ẹ̀pà tí wọ́n gbé ka iná nígbà tí ara rẹ̀ ṣì tutù, ìta á jóná, inú á sì dà bíi ti ẹ̀pà sísè.

Iyanrìn ni ọ̀pọ̀ àwọn ìyá oníẹ̀pà fi ń yan, torí iyanrìn máa ń jẹ́ kí ooru káàkiri. Iyanrìn odò tó kúnná ni, wọ́n á fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ á fi mọ́, wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á sì máa tọ́jú rẹ̀ fún ìgbà míì. Àwọn kan ń lo gàrí dípò rẹ̀, kò burú, àmọ́ gàrí tètè máa ń jóná. Kí iyanrìn kọ́kọ́ gbóná nínú agbada, kí wọ́n tó da ẹ̀pà lé e, kí ọmọ sì máa rò ó láìdúró pẹ̀lú ọmọrogùn tó gùn dáadáa. Iná kò gbọ́dọ̀ pọ̀. Ó máa tó bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ọgbọ̀n, ìwọ̀n ẹ̀pà àti iná ló máa sọ. Tí ẹ̀pà bá ti ń ta pàrà-pàrà, kó mú ẹyọ kan jáde pẹ̀lú ṣíbí, kó jẹ́ kó tutù díẹ̀, kó là á sí méjì. Tí èèpo bá bó wẹ́rẹ́, tí inú sì ní àwọ̀ bíi ti ìpara búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n, ó tó gẹ́lẹ́. Kó má dúró dìgbà tó máa pupa. Ẹ̀pà ṣì máa ń yan ara rẹ̀ lọ nínú ooru tó gbé jáde, èyí tó pupa nínú agbada á ti korò kó tó tutù.

Níbi iná yìí, ẹ má fi ọmọ sílẹ̀. Ìyanrìn gbígbóná kì í hó bí òróró, ṣùgbọ́n tó bá dà séèyàn lẹ́sẹ̀, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ara ni. Kí ọmọ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, kó má wọ aṣọ tí apá rẹ̀ ń fẹ́, kó sì di irun rẹ̀. Kí àwọn àbúrò má wà nítòsí rárá. Àgbàlagbà ni kó sọ agbada kalẹ̀ kó sì sẹ́ iyanrìn kúrò. Tó bá jẹ́ pé èédú ni ẹ ń lò, ìta gbangba ni, kì í ṣe inú yàrá tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ torí òjò. Èéfín èédú tí kò ní òórùn ń pa odidi ìdílé.

Lẹ́yìn èyí, kó tẹ́ ẹ̀pà náà sílẹ̀ títí yóò fi tutù pátápátá, kó fi ọwọ́ ra á, kó fẹ́ èèpo rẹ̀ dànù. Ìgò náà á ti gbẹ. Fífọ̀ pẹ̀lú ọṣẹ àti omi gbígbóná nìkan ò tó, kó dojú rẹ̀ dé fún odidi ọjọ́ kan, torí ẹ̀kán omi kan ṣoṣo tó bá kù nísàlẹ̀ ìgò á ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ìgò tí wọ́n ti fi kẹrosín-ìn tàbí oògùn ẹ̀fọn sí rí, kò sí fífọ̀ tó lè sọ ọ́ di ìgò oúnjẹ. Bí ọmọ bá kánjú ro ẹ̀pà tó ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́ sínú ìgò, ẹ wo ara ìgò lẹ́yìn wákàtí kan: ìrì á ti hù síbẹ̀. Ẹ̀pà inú rẹ̀ á rọ̀ kó tó dọ̀la, oníbàárà ò sì ní í padà wá. Kí wọ́n tún tú u jáde kí ó tutù, kó tó pẹ́ jù. Kí wọ́n kọ ọjọ́ tí wọ́n yan án sára ìgò kọ̀ọ̀kan.

Ó wá ku owó, ibi tí ìjà máa ń wà. Owó ọjà kì í dúró sójú kan, nítorí náà ìṣirò ni kí ẹ mú nínú èyí, kí ẹ fi iye tó wà lọ́jà yín rọ́pò rẹ̀. Ká ní kóńgò ẹ̀pà kan jẹ́ N3,000, wọ́n sì ra mẹ́rin, N12,000 nìyẹn. Gáàsì àti iyọ̀, N1,000. Owó ọkọ̀, N600. Ìgò mẹ́jọ ní N100, N800. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ N14,400. Ká ní lẹ́yìn ṣíṣà àti yíyan, ìgò mẹ́jọ ló kún. Kóńgò ọjà kan ò bá ti òmíì dọ́gba, ìgò náà sì yàtọ̀ síra, torí náà ìgbà àkọ́kọ́ ni kí ẹ kà á, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ìgò kan ti ná wọn ní N1,800. Tí wọ́n bá ń tà á ní N2,300, owó tó máa wọlé jẹ́ N18,400, èrè sì jẹ́ N4,000.

Àmọ́ ẹ wo ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀. Bàbá dé láti ibi iṣẹ́, ó ní kí wọ́n gbé ìgò kan wá kí òun fi mu gàrí, ṣé ọmọ òun kọ́ ló yan án ni? Ìgò kan péré nìyẹn, ṣùgbọ́n méje ló kù láti tà. N16,100 ló máa wọlé, èrè ti wálẹ̀ sí N1,700. Ẹnu bàbá ti jẹ ju ìdajì èrè ọmọ lọ lálẹ́ ọjọ́ kan. Kì í ṣe pé kí bàbá má jẹ ẹ̀pà. Kó sanwó ni, bí ará ìta ṣe ń san, tàbí kí wọ́n ti ṣàdéhùn láti ilẹ̀ pé ẹ̀pà tó kù nísàlẹ̀ àtẹ, tí kò kún ìgò, ni tilé.

Tí ọmọ ò bá ní í kiri, ta ló máa rà á? Nínú ilé àpẹẹrẹ yìí, ìyá ti ní sọ́ọ̀bù, àwọn tó ń wá gba aṣọ ló máa kọ́kọ́ rà. Wọ́n á to ìgò mẹ́ta sórí tábìlì. Ìyá fúnra rẹ̀ á wá bá obìnrin tó ń ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò ládùúgbò àti oníbúrẹ́dì sọ̀rọ̀, á sì gbé ìgò márùn-ún fún wọn ní N2,100, kí àwọn náà lè jèrè. Ìgò márùn-ún yẹn mú N10,500 wọlé, mẹ́ta tilé mú N6,900. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ N17,400, èrè N3,000. Ó kéré sí N4,000, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọmọ kò kúrò ní ojúlé, ẹ̀pà sì tán láàárín ọjọ́ mélòó kan. Tí wọ́n bá ń ṣe é lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, N30,000 ni. Àfi kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ná, kí wọ́n wò ó bóyá àdúgbò lè jẹ ẹ́ tán. Ẹ̀pà tó bá ju ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́ta lọ nínú ìgò tí wọ́n ń ṣí tí wọ́n ń dé, òróró ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà, ẹnu á sì mọ̀ ọ́n.

Kí wọ́n má lé sọ́dọ̀ àwọn súpámákẹ́ẹ̀tì ńlá, torí nọ́ńbà NAFDAC ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè. Àdúgbò ni iṣẹ́ yìí mọ.

Tí ẹnìkan bá ránṣẹ́ pé kí wọ́n gbé ẹ̀pà wá sílé òun, kí àdéhùn ti wà nílẹ̀. Ilé tí ìyá mọ̀ nìkan ni, ẹnu géètì ni ọmọ máa dúró sí, kò wọlé, kò sì dá lọ. “Wọlé wá gba owó” kò sí nínú ọ̀rọ̀ wọn. Kí ọmọ mọ̀ pé tẹ́nì kan bá sọ bẹ́ẹ̀, bó ti wù kó dàgbà tó, òun lè dáhùn pé, “Ẹ má bínú sà, Mọ́mì ní kí n má wọlé,” kó sì gbé ẹ̀pà rẹ̀ padà. Ẹ̀pà tó padà sílé kì í ṣe àdánù. Nọ́ńbà fóònù ìyá ni kí wọ́n kọ sára ìgò, kì í ṣe ti ọmọ. Tẹ́ni tó rà bá ní òun ti fi owó ránṣẹ́ sí báǹkì, kí ìyá wo iye tó wà nínú àkáǹtì rẹ̀ fúnra rẹ̀ kí wọ́n tó gbé ọjà sílẹ̀. Aléètì ayédèrú pọ̀ nígboro, àwọn tó ń lò ó sì fẹ́ràn láti fi tan ọmọdé.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ ọmọ ò lè sọ lójú òbí. Owó wọ àkáǹtì ìyá, iná mànàmáná tán, ìyá sì ní kí òun fi ra káàdì ná. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n fi san owó àjọ. Nígbà tí wọ́n bá ń wọlé ní oṣù kẹsàn-án, ọmọ béèrè owó bàtà, wọ́n sì ní, “Ṣé kì í ṣe inú ilé yìí lo ti ń jẹun ni?” Ọmọ tí wọ́n bá ṣe báyìí fún lẹ́ẹ̀kan, tí họlidé míì bá dé, kò ní í sọ fún wọn mọ́ tó bá fẹ́ wá owó. Ìta ló máa gbà lọ, níbi tí wọn ò ti ní í mọ̀. Àṣẹ òbí tí gbogbo èèyàn ń pariwo, ẹ̀gbẹ́ méjì ló ní. Kí wọ́n ra ìwé kékeré kan tí ọmọ á máa kọ ọ́ sí: ohun tí wọ́n rà, ìgò tó jáde, ẹni tó sanwó, ẹni tó jẹ gbèsè. Kí owó tí ìyá fi bẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́ padà sọ́wọ́ ìyá, torí owó rẹ̀ ni. Kí èrè wà lọ́tọ̀, bóyá nínú kóló tàbí àkáǹtì ọmọdé tí òbí lè ṣí ní báǹkì. Tí wọ́n bá fẹ́ yá nínú rẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé yẹn bí gbèsè ará ìta, kí wọ́n sì dá ọjọ́ tí wọ́n máa san án.

Ọ̀sẹ̀ méjì kí ilé-ìwé tó wọlé, kí wọ́n dáwọ́ yíyan dúró. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú méjèèjì, kí ìyá lọ gba owó tó wà lọ́wọ́ oníbúrẹ́dì àti àwọn yòókù. Kó jẹ́ ìyá ló lọ, torí àgbàlagbà tó jẹ gbèsè máa ń fi ọmọdé ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀sẹ̀ kejì, kí wọ́n jọ lọ ra bàtà náà.